Ìdoríkodò èrò nínú lésà: kí ló yẹ ká kọ fún máàkì 20?

Ọmọ Fìsíìsì, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìdánwò wa ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀ lọ́dọọdún: "Ṣàlàyé sitimulétẹ́ẹ̀dì ẹmíṣọ̀n, popúléṣọ̀n infáṣọ̀n àti kohírẹ́ǹsì, kí o sì fi bí wọ́n ṣe so kọ́ra nínú lésà hàn." Mo há ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, mo kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe wà nínú nóòtì, máàkì 8 nínú 20 ni mo gbà nínú ìdánwò àárín sáà. Kí ni mi ò kọ?

---

Ọmọ Ọba-Ilé

Kíláàsì kan náà la jọ wà, 9 lèmi gbà. Bó ṣe yé mi nìyí: fótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn hóró ìmọ́lẹ̀ kan, wọlé, átọ́ọ̀mù gbé e mì, ó fi agbára rẹ̀ gòkè, lẹ́yìn náà ó tú méjì jáde. Popúléṣọ̀n infáṣọ̀n ló ń jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, torí láìsí i, kò lè sí sitimulétẹ́ẹ̀dì ẹmíṣọ̀n rárá. Bóyá àwòrán ni a ò yà dáadáa.

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Ohun tó ń jẹ yín ní máàkì gan-an lo kọ sílẹ̀ yẹn. Ọdún 21 ni mo fi wà ní láàbù fìsíìsì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn olùkọ́ a máa ní kí n bá àwọn ro máàkì pọ̀, àṣìṣe méjì yìí ni mo sì ń bá nínú ìwé ìdáhùn lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá pè wọ́n, ká lè gbọ́ ara wa yé. Òkè àti ìsàlẹ̀ tí mò ń wí ni ìpele agbára tí átọ́ọ̀mù lè wà. Bí átọ́ọ̀mù tó wà lókè bá tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wù ú, láìsí ohun tó sún un, ìtújáde àdáṣe nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ló sún un, ìtújáde àsúnṣe ni. Bí àwọn tó wà lókè bá wá pọ̀ ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, mò ń pè é ní ìdoríkodò èrò, nítorí nínú ohunkóhun tí a kò bá tọ́, ìsàlẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí. Kohírẹ́ǹsì, ìjọrìn ìgbì ni mò ń pè é: kí àwọn ìgbì ìmọ́lẹ̀ máa gbé ẹsẹ̀ pọ̀.

Ní ti àṣìṣe kìíní, átọ́ọ̀mù kò gbé fótọ́ọ̀nù tó wọlé yẹn mì. Átọ́ọ̀mù ti wà lókè kí fótọ́ọ̀nù tó dé. Fótọ́ọ̀nù dé, ó kọjá lọ bó ṣe wà, átọ́ọ̀mù sì já wálẹ̀, ó fi fótọ́ọ̀nù tirẹ̀ kún un. Ẹnì kejì yẹn kò wá láti òfìfo. Agbára tó ti wà nínú átọ́ọ̀mù ló di ìmọ́lẹ̀, ohun tó gbé átọ́ọ̀mù gòkè tẹ́lẹ̀ ló sì ti san gbèsè rẹ̀. Nínú àwòrán, ẹ fi àmì átọ́ọ̀mù sórí ìlà òkè kí ọfà fótọ́ọ̀nù tó wọlé. Mo rí ìwé kan rí tí àmì rẹ̀ wà lórí ìlà ìsàlẹ̀, tí ọfà méjì sì ń jáde níwájú. Olùkọ́ fi báírò pupa fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kejì.

Àṣìṣe kejì ló burú jù. Ìdoríkodò èrò kọ́ ló ń bí ìtújáde àsúnṣe. Ibi gbogbo tí átọ́ọ̀mù bá wà lókè tí ìmọ́lẹ̀ tó bá a mu sì ń kọjá, ó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wáyà gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná lọ́wọ́ yẹn. Ẹ mú wáyà tó gbóná tó 2800 K, kí ẹ sì wo ìmọ́lẹ̀ pupa 694.3 nm nìkan; hν ni agbára fótọ́ọ̀nù rẹ̀, kT ni ìwọ̀n agbára ooru wáyà:

```
àsúnṣe / àdáṣe = 1 / (e^(hν/kT) − 1)
hν = 1.786 eV     kT = 0.241 eV
             = 1 / (e^7.4 − 1) ≈ 1/1600
```

Bí átọ́ọ̀mù bíi 1600 bá dá ìmọ́lẹ̀ wọn tú, ẹyọ kan á wà tí a sún. Ó kéré, àmọ́ ó wà, kò sì sí ìdoríkodò kankan nínú gílóòbù.

Kí wá ni ìdoríkodò ń ṣe? Fótọ́ọ̀nù kan náà tó ń sún ẹni òkè wálẹ̀ ni ẹni ìsàlẹ̀ ń gbé mì. Einstein ló fi hàn, nínú iṣẹ́ tó ṣe ní 1916 àti 1917, pé fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè sún un wálẹ̀ náà ló ṣe lè gbé e gòkè, bí ìpele méjèèjì bá ní iye ààyè kan náà. Iye èrò ló máa wá pinnu ẹni tó borí. Bí 60 bá wà nísàlẹ̀ tí 40 wà lókè, àwọn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ju àwọn tó ń fi kún un lọ, ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ. Ẹ yí i padà, kí 60 wà lókè, ìmọ́lẹ̀ á máa sanra. Gbólóhùn yìí ni kò sí nínú ìwé yín. Ìtumọ̀ mẹ́ta lẹ kọ, ìbéèrè sì ní kí ẹ so wọ́n kọ́ra.

---

Ìyá Alámì-Ẹ̀yẹ, Ọjà Ọba

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mo rí lésà ni mo ṣe wọlé. Ẹ̀rọ lésà ni mo fi ń kọ orúkọ sára àmì-ẹ̀yẹ àti pátákó ìrántí, èyí tó ní ọ̀pá dígí gígùn tí omi ń gba inú rẹ̀. Láàárọ̀ ó máa ń gé pílásítíìkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, ibi kan náà ni mo máa gbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó já. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra ọ̀pá tuntun. Ṣé ọ̀rọ̀ èrò òkè, èrò ìsàlẹ̀ yìí kàn mí?

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Ó kàn yín, ìyá wa. Màá dá yín lóhùn láìpẹ́, ẹ jẹ́ kí n parí ti àwọn ọmọ yìí kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi ọwọ́ kan omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́sàn-án kí ẹ wò ó.

---

Ọmọ Fìsíìsì, Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ti 60 àti 40 yẹn ti là mí lójú. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e nínú nóòtì wa ni pé kí ló dé tí ìpele méjì nìkan kò fi lè tó. Olùkọ́ kàn ní kò ṣeé ṣe, ó kọjá. Bí mo bá tan iná tó lágbára gan-an sí i ńkọ́?

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Iná tí o fẹ́ fi gbé wọn gòkè ló tún ń sún wọn wálẹ̀, nítorí àwọ̀ kan náà ni. Pe iye tó ń gòkè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní W. W kan náà ló ń mú àwọn tòkè wálẹ̀. Ìtújáde àdáṣe tún wà tó ń mú wọn wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, τ sì ni iye àkókò tí átọ́ọ̀mù máa ń lò lókè. Bí N1 bá jẹ́ iye èrò ìsàlẹ̀, tí N2 jẹ́ ti òkè, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fara rọ:

```
W·N1 = W·N2 + N2/τ
N2/N1 = W / (W + 1/τ)
```

Wo ìsàlẹ̀ ìdá yẹn. Ó fi 1/τ ju òkè lọ. Jẹ́ kí W tóbi bó ṣe fẹ́, N2/N1 á máa súnmọ́ 1, kò ní dé ibẹ̀, ká má tíì sọ pé ó kọjá. Ibi tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń pàdánù àti ohun tó ń jèrè pa ara wọn rẹ́, ó ń gba inú ohun èlò náà kọjá bí ẹni gba inú dígí. Ìlà méjì yìí nìkan, bí o bá kọ ọ́ tí o sì fi gbólóhùn kan túmọ̀ rẹ̀, kò sí olùkọ́ tó máa fi máàkì dù ọ́.

---

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ pé "ìpele méjì kò lè ní ìdoríkodò láé." Ní 1954, Townes pẹ̀lú Gordon àti Zeiger ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní mésà, ẹ̀gbọ́n lésà, láti ara gáàsì amóníà, ìpele méjì ló sì lò. Wọn kò fi iná kankan tì í gòkè. Agbára iná mànàmáná ni wọ́n fi ṣa àwọn tó wà lókè yà kúrò lára àwọn tìsàlẹ̀, àwọn tòkè nìkan ni wọ́n jẹ́ kó wọ inú àpótí. Èyí tí kò ṣeé ṣe ni kí a máa tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan náà sí i títí kí èrò sì yí. Olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ á wá ìyàtọ̀ yẹn.

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Òótọ́ ni, mo gbà. Ẹ fi "nípa títan ìmọ́lẹ̀ náà sí i" kún un.

Ẹ jẹ́ ká wá fi rúbì ṣe iṣẹ́, torí òun ni Maiman fi tan lésà àkọ́kọ́ ní oṣù karùn-ún 1960, ó sì rọrùn láti fi nọ́ńbà kọ. Kirómíọ́ọ̀mù díẹ̀ tó wà nínú òkúta náà ló ń ṣiṣẹ́, bíi 1.6 × 10^19 nínú 1 cm³. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé, bí òkúta yẹn bá kàn wà lórí tábìlì ní 300 K, mélòó ló wà lókè?

```
N2/N1 = e^(−1.786/0.0259) = e^(−69) ≈ 10^(−30)
```

Fi 10^(−30) lu 1.6 × 10^19. Kò tó ẹyọ kan. Ẹ kó òkúta bẹ́ẹ̀ jọ tó bílíọ̀nù kan, ẹ ò ní retí ẹyọ átọ́ọ̀mù kan lókè. Ibẹ̀ ni a ti fẹ́ kó ju ìdajì gbogbo wọn lọ sókè.

Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé àyè ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Rúbì ní irú rẹ̀. Iná fíláàṣì funfun gbé átọ́ọ̀mù lọ sí òkè pátápátá nípasẹ̀ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù, ó yára já bọ́ sí àyè ìsinmi láìtú ìmọ́lẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bíi 3 ms. Nínú ayé átọ́ọ̀mù, ìyẹn pẹ́ gan-an. Iná fíláàṣì kò lè sún un wálẹ̀ láti ibẹ̀ bó ṣe gbé e gòkè, nítorí àwọ̀ tó fi gòkè yàtọ̀ sí 694.3 nm tó máa fi wálẹ̀. Ìpele kẹta yìí ló já okùn tó so ọwọ́ W nínú ìṣirò tòkè.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rúbì ni ilẹ̀ gan-an, ibi tí gbogbo èrò ń gbé. Láti kan jẹ́ kí òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba, a ní láti kó 8 × 10^18 gòkè nínú 1 cm³. Fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó 2.86 × 10^(−19) J, nítorí náà ó ń lọ sí 2.3 J fún 1 cm³, kí ìmọ́lẹ̀ tó fi ẹyọ kan jèrè, a sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàárín ìwọ̀n 3 ms yẹn kí wọ́n tó máa dá já bọ́. Ìdí nìyẹn tí Maiman fi lo iná fíláàṣì, tí kò lo iná tó ń tàn lọ.

Bí ìpele bá wá di mẹ́rin, ìsàlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń já sí kì í ṣe ilẹ̀, ó fi díẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹni díẹ̀ lókè, èrò ti dorí kodò.

Ìyá Alámì-Ẹ̀yẹ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà. Gáàsì kábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì ló wà nínú ọ̀pá yín. Ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi bíi 0.172 eV péré ga ju ilẹ̀ lọ. Bí gáàsì bá wà ní 300 K, nínú 10,000 tó wà nílẹ̀, 13 ni ooru máa tì dé ibẹ̀. Ká ní gáàsì gbóná tó 450 K, wọ́n á lé ní 110. Ìsàlẹ̀ tó yẹ kó ṣófo ti ń kún, ìyàtọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀ ń dín, agbára tó ń jáde náà ń dín. Gáàsì inú ọ̀pá gbóná ju omi tó yí i ká lọ, omi sì ni ohun kan ṣoṣo tó ń gbé ooru rẹ̀ lọ.

---

Ìyá Alámì-Ẹ̀yẹ, Ọjà Ọba

Mo fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Omi jẹ́ 24 láàárọ̀, 36 ní aago méjì ọ̀sán. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí. Mo ti gbé dúrọ́ọ̀mù kan wá, mo sì gbé e sí abẹ́ òjìji. Ó dára díẹ̀ sí i lónìí, àmọ́ kò tíì dà bíi ti àárọ̀. Ṣé kí n da yìnyín sí i?

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Ẹ má da yìnyín sí i lójijì, ọ̀pá tó gbóná lè sán, ìrì sì lè mú ẹnu ibi tí iná gíga ti wọlé. Ẹ tì í kó máa wà ní nǹkan bí 20 sí 25. Dígí kékeré tó ń darí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo bóyá èéfín pílásítíìkì ti bò ó, kí ẹ fi òwú mímọ́ nù ún, nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa o. Bí méjèèjì bá dára tí agbára ṣì ń dín, ó lè jẹ́ ọ̀pá lóòótọ́.

---

Ọmọ Ọba-Ilé

Mo gbà pé mo ṣìnà lókè. Ṣùgbọ́n ìjọrìn ìgbì rọrùn ní tirẹ̀, àbí? Àwọ̀ kan ṣoṣo ni, ó parí.

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Ìdajì lo mú. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo pátápátá. Bí àwọ̀ náà ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ bí ìgbì ṣe lè rìn jìnnà tó kó tó ṣi ẹsẹ̀: `Lc = c/Δν`. Lc ni ìjìnnà yẹn, c ni eré ìmọ́lẹ̀, Δν ni fífẹ̀ àwọ̀. Lésà hílíọ́ọ̀mù òun níọ́ọ̀nù, 632.8 nm, gáàsì rẹ̀ lè tàn láàárín fífẹ̀ bíi 1.5 GHz. Pín 3 × 10^8 fún un, 0.2 m ló bọ́ sí. Bí a bá ká a mọ́ 1 MHz, ó di 300 m.

Ohun tí mo rí fúnra mi ni kí n sọ. A to dígí méjì kí ìmọ́lẹ̀ kan yà sí ọ̀nà méjì, kó tún pàdé lórí pátákó. Ọ̀pá lésà wa gùn tó 30 cm. Ìlà pupa àti ìlà dúdú hàn ketekete. Mo ń sún dígí kan sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo sún un tó 15 cm, tí ìyàtọ̀ ọ̀nà di 30 cm, ìlà ṣá, pátákó di pupa lásán. Ọmọ tí a jọ wà níbẹ̀ ní lésà ti bàjẹ́. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ń sún dígí lọ. Nígbà tí ìyàtọ̀ ọ̀nà tó 60 cm, ìlà padà wá. Àwọ̀ méjì tó fara mọ́ra ló ń tàn pọ̀ nínú ọ̀pá, `c/2L` ni àárín wọn, L ni gígùn ọ̀pá, 500 MHz ló jẹ́. Ní 30 cm, ibi tí ọ̀kan ti ṣe ìlà pupa ni èkejì ti ṣe dúdú.

Ẹni tí kò ní láàbù lè tan lésà pupa kékeré sára ògiri, kó má tàn án sójú ẹnikẹ́ni. Á rí i tó ń ṣẹ́ wínníwínní bíi gààrí, tó bá sì mi orí, hóró rẹ̀ á máa rìn. Ìgbì tó ń jọ rìn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná pupa orí rédíò kì í ṣe é.

---

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè

Níbi tí màá ti bá yín jà nìyí. Gbogbo nóòtì ló ń sọ pé ìtújáde àsúnṣe ló fún lésà ní ìjọrìn ìgbì, torí pé fótọ́ọ̀nù kejì jọ ti àkọ́kọ́ ní àwọ̀, ní ìtọ́ka, ní ìṣísẹ̀. Ẹ yọ dígí méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá lésà, tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, kúrò. Ìdoríkodò ṣì wà, àsúnṣe ṣì ń ṣẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń sanra, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò ní pẹ́ dàrú. Ìdí ni pé ìtújáde àdáṣe ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bí irú tirẹ̀. Dígí ló ń ṣa èyí tó bá àyè mu, tó ń dá a padà kó tún bí sí i, tí àwọn ìyókù fi kú dànù. Èmi gbà pé iṣẹ́ dígí ni ìjọrìn ìgbì.

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Ẹ gbé dígí méjì dojú kọ gílóòbù, ẹ sọ fún mi bóyá ó di lésà. Dígí lè ṣà, kò lè bí. Ìgbà tí èyí tí a ṣà bá ń bí irú tirẹ̀ gan-an ni ìṣísẹ̀ fi ń pẹ́. Mi ò tíì rí ìdí tó fi yẹ kí n yẹ̀ lórí èyí.

---

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè

Gílóòbù kò ní ìdoríkodò, ẹ̀rí yẹn kò bá mi wí. Màá padà wá bá a tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

---

Ọmọ Fìsíìsì, Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bá ìjà lọ, ẹ bá mi wo èyí tí mo fẹ́ kọ:

"Fótọ́ọ̀nù tó kọjá lára átọ́ọ̀mù tó ti wà lókè ń sún un láti tú fótọ́ọ̀nù kejì tó jọ ọ́. Átọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ náà ń gbé irú fótọ́ọ̀nù yẹn mì, àǹfààní wọn sì dọ́gba, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kò lè sanra àyàfi tí N2 bá ju N1 lọ. Ní 300 K, N2/N1 rúbì jẹ́ nǹkan bí 10^(−30), títan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan náà sí ìpele méjì kò sì lè yí i, nítorí náà a nílò ìpele kẹta tí átọ́ọ̀mù ń pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí N2 bá ti ju N1 lọ, lésà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Fótọ́ọ̀nù tó jọ ara wọn, tí dígí ń ṣà tó sì ń dá padà, ló ń fún un ní ìjọrìn ìgbì."

---

Ọ̀gá Láàbù Òkè-Àró

Ó ti dára gan-an. Gbólóhùn kan ló kù: "nígbà tí N2 bá ti ju N1 lọ, lésà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn." Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Dígí iwájú ń jẹ́ kí díẹ̀ jáde, ẹnu ọ̀pá ń pàdánù díẹ̀. Ká ní 2 nínú 100 ló ń sọnù nínú àlọ àti àbọ̀ kan. Bí èrè àlọ àti àbọ̀ kan náà bá jẹ́ 1 nínú 100, ìdoríkodò wà, lésà kò tàn. Kọ ọ́ pé N2 gbọ́dọ̀ ju N1 lọ débi tí èrè fi bo àdánù mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ya àwòrán rúbì, kí o sì fi àmì átọ́ọ̀mù sórí ìlà òkè.